Mọ́ltímítà ka fóltì 230, áyọ́ọ̀nù ò gbóná: báwo la ṣe ń fi páìpù omi ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọdún kìíní?

Dáre_Onílàábù

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ẹ̀kọ́ ẹnjiníà iná ni mò ń ràn lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé fóltéèjì dà bí ipá tó ń ti omi, kọ́rẹ́ǹtì dà bí omi tó ń ṣàn, rẹsísítáǹsì sì dà bí páìpù tó há. Gbogbo wọn gbà. Ni ọ̀kan bá bi mí pé: ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí mọ́ltímítà ń ka fóltì 230 nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, kì í gbóná dáadáa. Tí ipá bá pé, kí ló dé tí omi ò wá? Mi ò rí i fi páìpù dáhùn. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

---

ÀgbàWáyà

Dáre, ìdáhùn wà nínú páìpù yẹn. Táàpù ni o gbàgbé.

Mú tánkì kan tó wà lórí òpó. Jẹ́ kí ojú omi inú rẹ̀ fi mítà 10 ga ju táàpù ìsàlẹ̀ lọ. Gíga yẹn á fún ọ ní ipá tí kò fi ohun púpọ̀ dín sí báà 1. Wàá wá so géèjì mọ́ páìpù níwájú táàpù. Ní àárín páìpù, láàárín tánkì àti géèjì, ìpata ti dí ọ̀nà débi pé ihò tó kù kò ju ti abẹ́rẹ́ ńlá lọ.

Ti táàpù pa. Kí ni géèjì máa kà? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ báà 1 géérégé, bíi pé kò sí ìpata kankan. Omi ò lọ, omi ò bọ̀, nítorí náà ìpata ò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó oníbodè ni: ẹni tó ń kọjá ló ń san án, ẹni tó jókòó sílé kì í san.

Ṣí táàpù wàyí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá nínú ihò abẹ́rẹ́ yẹn, oníbodè gba tirẹ̀, abẹ́rẹ́ géèjì sì wálẹ̀ lójú rẹ. Ohun tó jáde lẹ́nu táàpù kò ju pé ó ń kán tótó.

Mọ́ltímítà tí o kì bọ inú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, géèjì tí táàpù rẹ̀ wà ní títì ni. Rẹsísítáǹsì inú ọ̀pọ̀ mọ́ltímítà òde òní tó óhmù mílíọ̀nù 10, kọ́rẹ́ǹtì tó ń gbà kò sì tó nǹkan. Áyọ́ọ̀nù ni táàpù tó ṣí.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wátì 1000 lórí fóltì 230 máa ní rẹsísítáǹsì tó tó óhmù 52.9. Ká sọ pé skúrù kan ti dẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà, wáyà ò fi bẹ́ẹ̀ kan irin mọ́, ojú rẹ̀ sì ti dúdú, débi pé ibẹ̀ ti di óhmù 20.

Nígbà tó jẹ́ mọ́ltímítà nìkan ló wà níbẹ̀:

```
I = 230 / 10000020 = 0.000023 A
V_skuru = 0.000023 × 20 = 0.00046 V
```

Skúrù tó bàjẹ́ kò gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóltì. Mọ́ltímítà máa ka 230, òótọ́ ló sì sọ.

Nígbà tí áyọ́ọ̀nù wọlé:

```
I = 230 / (52.9 + 20) = 3.16 A
V_skuru = 3.16 × 20 = 63 V
V_ayoonu = 230 - 63 = 167 V
```

Áyọ́ọ̀nù rí fóltì 167. Tí o bá fi kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà méjì sọ rẹsísítáǹsì rẹ̀ di púpọ̀, wátì 527 ló kù fún un, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wátì 199 wá ń jó lórí skúrù tí kò tó orí ìka ọmọdé. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì á rùn, ike rẹ̀ á pọ́n, á sì yọ́. Sọ fún ọmọ tó béèrè pé kí wọ́n má fi nǹkan kan sínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ títí wọ́n á fi pa iná láti orísun, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ tú u wò.

Ìyẹn ni kí o fi kọ́ wọn: V = I × R ni fóltéèjì tí ìdínà kan ń gbà. Bí I bá jẹ́ òdo, ohun tí R ń gbà jẹ́ òdo, ì báà tóbi tó òkè Olúmọ.

---

Ṣeun_Bẹ́líìtì

Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi kún un. Bí èèyàn bá fi ìka dí ẹnu họ́òsì díẹ̀, omi máa ń sáré sí i, ó máa ń ta jìnnà. Ṣé kò wá túmọ̀ sí pé níbi tí páìpù bá há, kọ́rẹ́ǹtì ń pọ̀ sí i ni? Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí skúrù yẹn fi ń gbóná: kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ ló ń sáré gba ibẹ̀ kọjá, èyí tó dé ọ̀dọ̀ áyọ́ọ̀nù wá kéré.

---

Ìyá_Ẹlẹ́rọ

Ṣeun, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, apá kejì ló ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà jù lọ nínú àpèjúwe páìpù, nítorí náà ó dáa bí o ṣe gbé e wá.

Òótọ́ ni pé omi ń sáré níbi tó há. Ṣùgbọ́n kọ́rẹ́ǹtì kì í ṣe eré. Kọ́rẹ́ǹtì ni iye tó kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Gbé garawa lítà 10 sẹ́nu táàpù, kí o sì wo aago: tó bá kún ní ìṣẹ́jú kan, lítà 10 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan níbi gbogbo nínú páìpù yẹn. Ibi tó fẹ̀, lítà 10 ni, omi rọra ń lọ. Ibi tó há, lítà 10 náà ni, omi ń sáré. Bí iye méjèèjì bá yàtọ̀, àfi kí omi máa ṣòfò níbì kan tàbí kó máa gbárajọ síbì kan.

Nínú ìṣírò Àgbà, áńpù 3.16 ló gba inú skúrù kọjá, áńpù 3.16 náà ló dé áyọ́ọ̀nù, òun náà ló sì gba wáyà nútírà padà. Kò sí ẹni tó jẹ kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà. Fóltéèjì ni wọ́n pín láàárín ara wọn, 63 síbí, 167 sọ́hùn-ún. Bó o bá rí ọmọ tó ń sọ pé «rẹsísítọ̀ ti lo kọ́rẹ́ǹtì tán», àṣìṣe yìí gan-an ló ń ṣe.

Ní ti họ́òsì tí o fi ìka dí, tún gbé garawa yẹn sẹ́nu rẹ̀. Omi ń ta jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n garawa á pẹ́ sí i kó tó kún. Ìka rẹ ti dín kọ́rẹ́ǹtì kù.

Èyí wá jọ pé ó lòdì: àwọn ẹlẹ́kítíróònù, èrò tó ń rìn nínú wáyà bàbà, ń lọ́ra gan-an ni. Nínú wáyà tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 1 níbùú lóròó, tó gbé áńpù 1, ẹlẹ́kítíróònù kan á lo fẹ́rẹ̀ẹ́ wákàtí 4 kó tó rin mítà kan. Gílóòbù ń tàn lójú ẹsẹ̀ nítorí pé páìpù ti kún láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣí táàpù, omi tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe èyí tó wà nínú tánkì.

---

Bàbá_Páìpù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Páìpù ni iṣẹ́ tèmi, iná ò yé mi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Àgbà sọ nípa géèjì yẹn, bí a ṣe ń wá ibi tó dí nìyẹn. Ẹni tó bá fi táàpù títì wo géèjì, kò wo nǹkan kan. A máa ń ṣí táàpù sílẹ̀ ni, ká tó ka géèjì níwájú àti lẹ́yìn ibi tí a fura sí. Ibi tí ipá ti já lójijì, ibẹ̀ ló ti dí. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ ṣe ìpata, fáàfù tí ẹnì kan ṣí dé ìdajì ni.

Àṣìṣe kan tún wà tó yẹ kí ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ yẹn nípa rẹ̀. Omi ò ní ipá nílé ẹnì kan, ó yọ tánkì lítà 500, ó ra ti lítà 2000, ó gbé e sórí òpó kan náà. Ipá ò yàtọ̀. Gíga ló ń fún omi ní ipá, ìtóbi tánkì ò fún un ní nǹkan kan ju pé omi á pẹ́ kó tó tán.

---

ÀgbàWáyà

Bàbá, ẹ ti bá wa ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí a ṣe ń wá jọ́íǹtì tó bàjẹ́ nìyẹn gan-an: ẹrù, ìyẹn ohun tó ń lo iná bí áyọ́ọ̀nù, gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà kí ìwọ̀n náà tó ní ìtumọ̀. Ti tánkì náà, bátìrì tóṣì kékeré àti bátìrì tóṣì ńlá ni kí Dáre gbé kalẹ̀ fún wọn. Fóltì 1.5 ni méjèèjì. Ọ̀kan kàn máa pẹ́ ju èkejì lọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gíga, kó to bátìrì léra lórí, bí a ṣe ń gbé òpó tánkì ga.

---

Kọ́lá_Sólà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà, ó jọ pé ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù omi lẹ ń sọ. Pọ́ǹpù fóltì 12 ni mo so mọ́ bátìrì sólà, áńpù 8 ló ń gbà. Láti ibi bátìrì dé ibi pọ́ǹpù jẹ́ mítà 15, wáyà 2.5 ni mo fi fà á. Omi ò gòkè dáadáa. Wọ́n ní kí n ra pọ́ǹpù tó tóbi jù ú. Ṣé kí n rà á?

---

ÀgbàWáyà

Má tíì rà á, Kọ́lá. Ìbéèrè Dáre kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n arọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni.

Mítà 15 ní àlọ, mítà 15 ní àbọ̀, mítà 30 wáyà ni kọ́rẹ́ǹtì rẹ ń gbà. Àbọ̀ yìí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Wáyà bàbà 2.5 ń mú nǹkan bí óhmù 0.0074 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ óhmù 0.22. Áńpù 8 lọ́nà 0.22 jẹ́ fóltì 1.8. Pọ́ǹpù rẹ wá ń rí fóltì 10.2. Bí o bá ra èyí tó tóbi jù ú, kọ́rẹ́ǹtì á pọ̀ sí i, oníbodè á sì tún gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Pààrọ̀ wáyà sí 10. Ohun tó ń sọnù á di fóltì 0.44. Kí o tó náwó, jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí o wọn fóltéèjì lẹ́nu bátìrì, kí o sì wọn ọ́n lẹ́nu pọ́ǹpù. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju fóltì 2 lọ dáadáa, jọ́íǹtì kan tún wà tó ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ti ẹnu bátìrì fúnra rẹ̀ bá já kọjá 12, bátìrì ni kí o kọ́kọ́ wò.

Dáre, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fáwọn ọmọ rẹ. Fóltì 1.8 lára 230 kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Lára 12, ìdá kan nínú méje ni. Tánkì tó wà lórí òpó gíga lè fara da páìpù tó há díẹ̀. Tánkì tó jẹ́ orí àga lásán ló wà, ohun díẹ̀ tó bá dí i lọ́nà, omi ò ní wá mọ́.

---

Kọ́lá_Sólà

Wọ́n ní wáyà 10 gbówó lórí gan-an. Ṣé 6 kò lè ṣe é?

---

ÀgbàWáyà

Yóò ṣe é. Nǹkan bí fóltì 0.75 ni yóò gbà. Pọ́ǹpù á ní ju 11 lọ.

---

Tèmi100L

Ẹ kú ọjọ́, ẹ̀yin olùkọ́. Èmi wà lára àwọn ọmọ ọdún kìíní náà, kì í ṣe ilé-ìwé bọ̀dá Dáre ni mo wà ṣá. Ohun tí kò yé mi nínú páìpù ni pé tí mo bá gé páìpù, omi á tú sílẹ̀. Tí mo bá gé wáyà, iná ò tú sílẹ̀, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ dúró. Wọ́n tiẹ̀ sọ fún wa pé ìdènà kékeré ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì pọ̀. Wáyà tí wọ́n gé, ṣé ìdènà ti kúrò níbẹ̀ ni àbí ó ti pọ̀ sí i?

---

Ìyá_Ẹlẹ́rọ

Ó ti pọ̀ sí i, ọmọ mi, ó pọ̀ kọjá ohun tí mọ́ltímítà rẹ lè kà. Lójú omi, afẹ́fẹ́ ni ibi tó ṣófo, ó lè tú síbẹ̀. Lójú iná, afẹ́fẹ́ ni ògiri. Nítorí náà, wáyà tí wọ́n gé dà bí táàpù tí wọ́n ti pa. Páìpù tí wọ́n gé dà bí nǹkan mìíràn: wáyà láífù tó ráàyè kan wáyà nútírà láìsí ẹrù láàárín wọn. Ìyẹn ni ibi tí iná ti «ń tú».

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ tánkì orí òpó nìyí. Ó ń jẹ́ káwọn ọmọ rò pé iná ń jáde lẹ́nu ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, ó parí síbẹ̀, bí omi ṣe ń parí sínú garawa. Pọ́ǹpù tó ń yí omi po nínú páìpù tó so kọ́ra ni kí Dáre lò: pọ́ǹpù ni bátìrì, omi tó ń jáde níhìn-ín ló ń wọlé lọ́hùn-ún, iye rẹ̀ ò dín, kò sí garawa, kò sí tánkì. Bí o bá gé e níbì kan, kí o sì dí ojú méjèèjì pa, ìṣàn dúró níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló jọ wáyà.

---

ÀgbàWáyà

Mo gbọ́, Ìyá, a sì ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ tipẹ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ yẹn ló ti rí pọ́ǹpù tó ń yí omi kan náà po rí? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò tíì dúró sábẹ́ táàpù kí ẹnì kan nínú ilé lọ fọ ṣáláńgá, kí omi tirẹ̀ sì dín kù lójijì. Ohun tí wọ́n ti fi ara rí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ṣe ẹ rí omi tó dín kù yẹn, òun náà ni gílóòbù tó ń ṣẹ́jú nígbà tí fíríìjì bá gbéra: ẹrù méjì ló ń pín páìpù kan láti ojú pópó wọlé, èkejì ṣí, oníbodè ojú ọ̀nà gba púpọ̀, ipá tó dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ dín. Tánkì gbé ìyẹn kalẹ̀ kíákíá ju pọ́ǹpù tó ń yí po lọ.

---

Ìyá_Ẹlẹ́rọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tánkì, kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Wáyà nútírà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbàgbé, Kọ́lá gan-an ni ẹ̀rí.

Dáre, jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ ara wọn rí ọ̀rọ̀ skúrù yẹn láìsún mọ́ fóltì 230. Má jẹ́ kí ọmọ ọdún kìíní kankan dán an wò lórí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì.

Wá bátìrì tóṣì kékeré 4, kí o tò wọ́n léra sínú ilé ike wọn. Ìyẹn fóltì 6. Wá rẹsísítọ̀ óhmù 100 méjì, àwọ̀ búráùn, dúdú, búráùn, góòlù ló wà lára rẹ̀. Tún wá óhmù 1000 kan, búráùn, dúdú, pupa, góòlù. So óhmù 100 kan mọ́ ojú bátìrì tó ní àmì ìròpọ̀. Èyí ni skúrù tó bàjẹ́. Má tíì so nǹkan mìíràn.

Fi mọ́ltímítà sórí fóltéèjì DC, kan ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ òpin rẹsísítọ̀ náà, èkejì mọ́ ojú bátìrì tó ní àmì àyọkúrò. Ó máa ka 6, tàbí 6.4 bí bátìrì bá tuntun. Bi wọ́n pé: ṣé rẹsísítọ̀ yẹn gba nǹkan kan? Jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀.

So óhmù 100 kejì láti òpin yẹn dé ojú àyọkúrò. Òun ni áyọ́ọ̀nù. Tún ka a: 3. Ìdajì ti lọ lójú wọn. Kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ 6 pín sí 200, mílíáńpù 30. Yọ ọ́, fi óhmù 1000 rọ́pò rẹ̀. Ó máa ka nǹkan bí 5.45. Skúrù kan náà ni o, kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹrù tó fúyẹ́ kò jẹ́ kó hàn. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù kékeré fi lè tàn dáadáa nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tí áyọ́ọ̀nù ò ti gbóná, tí àwọn ará ilé á sì búra pé ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ò ní nǹkan kan.

Ohun méjì ló máa ń bàjẹ́ níbi iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni ọmọ tó gbàgbé wáyà pupa sínú ihò áńpù mọ́ltímítà, tó wá gbé e kan ojú méjèèjì bátìrì láti wọn fóltéèjì. Inú ihò yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìdènà kankan: ó ti so páìpù ńlá láti ìdí tánkì tààrà sílẹ̀ ni. Fíúsì inú mọ́ltímítà á jó, lẹ́yìn náà yóò máa ka òdo fún gbogbo kọ́rẹ́ǹtì, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ra fíúsì díẹ̀ pamọ́, irú àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára mọ́ltímítà gan-an.

Èkejì ni pé ohun tí wọ́n kà kò ní bá ìṣírò mu géérégé, wọ́n á ní àwọn ṣe àṣìṣe. Àwọ̀ góòlù ń sọ pé rẹsísítọ̀ náà lè fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn rẹsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò tíì kan bátìrì, kí wọ́n sì fi èyí tí wọ́n rí ṣe ìṣírò.

---

Ṣeun_Bẹ́líìtì

Ó ti yé mi wàyí, mà. Iye, kì í ṣe eré. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé bí mo bá gbé tánkì lọ sí ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, lítà 10 máa di lítà 20, bí fóltéèjì ṣe ń ṣe?

---

ÀgbàWáyà

Rárá, ibí ni páìpù àti wáyà ti pínyà. Georg Ohm ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní Jámánì lọ́dún 1827 pé kọ́rẹ́ǹtì inú wáyà ń bá fóltéèjì lọ déédéé: ìlọ́po méjì síbí, ìlọ́po méjì sọ́hùn-ún, bí wáyà kò bá ti gbóná jù. Omi inú páìpù ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń rú, ó ń yí po bó ṣe ń lọ, bí o bá sì sọ gíga di ìlọ́po méjì, lítà 10 á di nǹkan bí 14, kò ní dé 20. Omi tó ń rọra lọ nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, bí ti họ́òsì tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn, nìkan ló sún mọ́ ìwà wáyà.

Ìbú náà ò bára mu. Sọ ìbú wáyà di ìlọ́po méjì, ìdènà rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún páìpù tí omi ń rọra gbà kọjá, ìdènà á di ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, nítorí omi ẹ̀gbẹ́ páìpù ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ti àárín ló ń sáré. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń lọ tààrà kì í lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, gbogbo inú bàbà ló ń lò. Nítorí náà, má ṣe fi iye tí o wọ̀n nínú páìpù ṣírò fún wáyà láéláé. Ìrísí ọ̀rọ̀ ni páìpù lè fún wọn. Iye, inú V = I × R ni kí wọ́n ti mú un.

---

Bàbá_Páìpù

14 yẹn, òótọ́ ni. Àwọn oníbàárà máa ń bínú sí wa pé àwọn gbé òpó ga, omi ò pọ̀ tó bí àwọn ṣe rò.

---

Dáre_Onílàábù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kọ bátìrì, rẹsísítọ̀ àti fíúsì sílẹ̀. Màá fi tánkì bẹ̀rẹ̀, màá fi géèjì táàpù títì dáhùn ọmọ yẹn, lẹ́yìn náà màá fa páìpù àbọ̀ sójú pátákó kí ọ̀rọ̀ Ìyá má bàa sọnù. Mo ti kìlọ̀ fún un lónìí pé kí wọ́n pa iná ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó ní ike ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n lóòótọ́.

Ohun kan ló kù tí mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí. Iná ilé kì í lọ síwájú nìkan, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báwo ni mo ṣe máa fi tánkì sọ ìyẹn?

---

Ìyá_Ẹlẹ́rọ

O ò ní fi tánkì sọ ọ́. Fi písítíìnì kan sínú páìpù tó so kọ́ra, kí o máa tì í síwá sẹ́yìn. Omi ò lọ síbì kankan, síbẹ̀ ibi tó há ń gbóná ní àlọ, ó ń gbóná ní àbọ̀.

---

ÀgbàWáyà

Lójú tèmi, kó má tíì mẹ́nu bà á rárá títí wọ́n á fi parí bátìrì. Písítíìnì yẹn á tún fún wọn ní ìbéèrè mẹ́wàá mìíràn lọ́jọ́ kan náà.

---

Tèmi100L

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mẹ́nu bà á. Àwa ti ń béèrè ẹ̀ nínú yàrá wa.